Abèèrè Ọ̀nà Kì í Ṣìnà, Bí Ẹni Tí A Bi Bá Mọ̀nà

Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kò sí ọmọ Yorùbá tí a ní láti ṣàlàyé òwe yìí fún. Ohun tó ń bí mi nínú ni bí àwọn ilé iṣẹ́ wa ṣe ń lò ó nígbà tí wọ́n bá ra ètò ìṣirò owó tuntun sórí kọ̀ǹpútà. Wọn a tẹ fọ́ọ̀mù kan, wọn a pín in fún gbogbo òṣìṣẹ́ ẹ̀ka owó, wọn a kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹ̀kọ́ wo lẹ nílò?" Bí èsì bá ti pé, wọn a ránṣẹ́ pe olùkọ́, ọkàn wọn a sì balẹ̀ pé àwọn ti béèrè ọ̀nà.

Mo rí ibi tí èyí bàjẹ́ sí ní ilé iṣẹ́ kan n'Ìbàdàn tó ń ta símẹ́ńtì àti páànù fún àwọn kọ́ńtírákítọ̀. Wọ́n ń kúrò lórí Excel bọ́ sórí QuickBooks Online. Ohun tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kọ sínú fọ́ọ̀mù ni pé àwọn fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń fa ìròyìn owó jáde, nítorí ìròyìn ni ọ̀gá máa ń bèèrè lọ́wọ́ wọn. Olùkọ́ dé, ó kó gbogbo wọn jọ sí gbọ̀ngàn, kaṣíà, akọ̀wé ọjà títà, sítọ́ọ̀kípà, gbogbo wọn pátá, ó sì kọ́ wọn ní ìròyìn fífà. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, orúkọ àwọn tó ti sanwó kún inú àkọsílẹ̀ àwọn tó jẹ gbèsè. Wọ́n pe oníbàárà kan lórí fóònù pé kó wá san gbèsè. Ọkùnrin náà gbé ẹ̀rí owó tó san dé pẹ̀lú ìbínú, ó sì ní òun ò tún bá wọn rajà mọ́. Èrè tí ètò náà ń fi hàn sì ga ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè rí nínú báǹkì lọ.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé owó ẹyọ kan ká lè rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ́. Ilé iṣẹ́ kọ́ńtírákítọ̀ kan ra páànù ₦1,000,000. Owó-orí ọjà títà, tó ti wà ní 7.5% láti oṣù Kejì ọdún 2020, fi ₦75,000 lé e, ìwé owó tí akọ̀wé kọ sínú ètò náà sì di ₦1,075,000. Nígbà tí oníbàárà fẹ́ sanwó, ó yọ ₦20,000 sílẹ̀. Owó-orí àyọsílẹ̀ nìyẹn, èyí tí ẹni tó rajà yóò san fún ìjọba lórúkọ ẹni tó tajà. Nítorí náà, ₦1,055,000 ló wọ báǹkì. Kaṣíà rí àtẹ̀jíṣẹ́ báǹkì, ó ṣí ètò, ó wá ibi tó jọ iṣẹ́ tó mọ̀. Owó ti wọ báǹkì, àbí? Ó tẹ `Bank deposit`, ó kọ iye náà sí owó ọjà títà, ó fi pamọ́. Iye tó wà nínú ètò àti iye tó wà ní báǹkì dọ́gba, ó sì gbà pé iṣẹ́ ti parí.

Kò mọ̀ pé ọjọ́ tí akọ̀wé kọ ìwé owó yẹn ni ètò náà ti ka ọjà sí títà. Ó ti wá kà á lẹ́ẹ̀mejì báyìí. Ọjà ₦1,000,000 ti di ₦2,055,000 nínú ìwé èrè, oníbàárà tó ti sanwó sì ṣì wà nínú àkọsílẹ̀ gbèsè pẹ̀lú ₦1,075,000. Ibi tó yẹ kó lọ ni `Receive payment`. Yóò mú orúkọ oníbàárà, yóò sàmì sí ìwé owó yẹn gan-an, yóò sì kọ ₦1,055,000. ₦20,000 tó kù kì í ṣe gbèsè mọ́. Owó ilé iṣẹ́ ni, ọwọ́ ìjọba ló wà, tí ẹ̀rí rẹ̀ bá sì dé, wọ́n lè lò ó nígbà tí wọ́n bá ń san owó-orí èrè tiwọn. Àkáǹtì tirẹ̀ ló yẹ kó wà, ibẹ̀ ni a sì ń gbé e lọ kí ìwé owó náà lè tì pátápátá.

Ẹ sọ fún mi, báwo ni kaṣíà yìí ṣe máa kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé òun nílò ẹ̀kọ́ lórí `Receive payment`? Kò mọ̀ pé ó wà. Báǹkì rẹ̀ dọ́gba, nítorí náà ó dá a lójú pé òun mọ iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1999, Justin Kruger àti David Dunning fi ìdánwò hàn ní Yunifásítì Cornell pé àwọn tó ṣe dáadáa kéré jù nínú iṣẹ́ kan ni wọ́n máa ń fi máàkì tó ga ju tiwọn lọ fún ara wọn jù. Irú máàkì tí ẹni fún ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni fọ́ọ̀mù yẹn ń kó jọ.

Ibí ni mo ti ní láti bá òwe náà jiyàn. Ẹni tó ń lọ sí Òṣogbo, ẹni tó ti dé Òṣogbo rí ló yẹ kó bi. Àwa ń bi àwọn tí kò tíì dé ibẹ̀ rí pé kí wọ́n júwe ọ̀nà fún wa. Àwọn àgbà yìí kan náà ló ní ìròyìn kò tó àfojúbà, èyí ló sì yẹ kí á gbé ka iwájú ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí òṣìṣẹ́ nílò láti kọ́.

Kí ẹni tó ń ṣe ìwádìí náà kọ́kọ́ lọ jókòó lẹ́bàá tábìlì wọn, kí olùkọ́ kankan tó dé. Iṣẹ́ ni kó máa kọ sílẹ̀, kì í ṣe bọ́tìnnì inú ètò: ta ló ń kọ ìwé owó, ta ló ń gba owó wọlé, ta ló ń sanwó fún àwọn tí a ra ọjà lọ́wọ́ wọn, ta ló ń fi ìwé báǹkì wé ìwé tiwa. Kó rí i dájú pé òpin oṣù wà nínú àwọn ọjọ́ tó fi jókòó, nítorí iṣẹ́ tó le jù kì í yọjú ní àárín oṣù. Kó sì ní kí wọ́n fi ìwé kékeré tí wọ́n ń kọ nǹkan sí han òun. Ní ilé iṣẹ́ tí mo ń sọ yìí, kaṣíà ní ìwé kan nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, níbi tó ń kọ orúkọ gbogbo oníbàárà tó bá yọ owó-orí sílẹ̀ àti iye tí wọ́n yọ. Ẹ̀rí nìyẹn pé ó rí ìṣòro náà, kò kàn mọ ibi tó máa gbé e sí ni. Kò sẹ́ni tó bèèrè ìwé náà.

Lẹ́yìn náà ni ká dán wọn wò. Ká ṣí ilé iṣẹ́ ìdánrawò sínú ètò náà, kí ó má jẹ́ ìwé owó gidi, ká kọ orúkọ ọjà tiwa sínú rẹ̀, ká sì gbé bébà mẹ́ta lé tábìlì: ìwé owó páànù yẹn, ẹ̀dà àtẹ̀jíṣẹ́ báǹkì, àti lẹ́tà tí oníbàárà fi sọ pé òun yọ ₦20,000. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi owó yìí sínú ètò." Ká wá dákẹ́. Ẹni tó bá ń sọ pé "ẹ tẹ ibẹ̀ yẹn" ti ba ìdánwò jẹ́. Ká kọ ibi tó kọ́kọ́ tẹ̀ àti ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti dúró. Nígbà tó bá ní òun ti ṣe tán, ká ṣí àkọsílẹ̀ gbèsè ká wò ó bóyá oníbàárà ti kúrò níbẹ̀, ká sì wò ó bóyá ẹ̀ẹ̀kan ni a ka ọjà náà. Kí á ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé èsì rẹ̀ kò ní dé fáìlì ẹnikẹ́ni, kí ọ̀rọ̀ náà sì jẹ́ òótọ́. Bí ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ bá fura pé wọ́n fẹ́ fi í díwọ̀n òun, yóò ní ojú ń dun òun, kò ní jókòó.

Ibi tí mo fẹ́ kí àwọn mánéjà fetí sí jù ni ohun tó tẹ̀ lé e, ìyẹn wíwá ìdí. Robert Mager àti Peter Pipe gbé ìbéèrè kan kalẹ̀ ní ọdún 1970 tí mi ò tíì rí èyí tó dára jù ú lọ: bó bá jẹ́ pé ẹ̀mí ẹni yìí wà lórí iṣẹ́ náà, ṣé ó lè ṣe é? Bí ó bá lè ṣe é, ẹ̀kọ́ kọ́ ni oògùn rẹ̀. Ẹ béèrè ìbéèrè yìí nípa kaṣíà wa. Kò mọ `Receive payment`: ìmọ̀ ètò ló kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀, kò ju ìdajì wákàtí lọ láti kọ́ ọ. Kò mọ̀ pé owó-orí àyọsílẹ̀ ṣì jẹ́ ti ilé iṣẹ́: ìmọ̀ ìṣirò owó nìyẹn, bébà àti bírò ni a fi ń kọ́ ọ kí a tó tan kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta kì í ṣe ti kaṣíà rárá. Akáǹtáǹtì kò tíì ṣí àkáǹtì fún owó-orí àyọsílẹ̀ nínú ètò náà, àyè tí wọ́n sì fún kaṣíà kò gbà á láyè láti ṣí i. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ kò ní rí ₦20,000 yẹn gbé síbi kan. Wọn ì bá gbé kaṣíà lọ sí gbọ̀ngàn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò ní yí i padà, bẹ́ẹ̀ akáǹtáǹtì lè tún un ṣe kí ó tó jẹun ọ̀sán. Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá pe irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní olóríkunkun.

Tí a bá ti mọ ìdí, ó ṣẹ́ ku kí a bi ara wa pé ẹ̀ẹ̀melòó ni iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń wáyé, àti pé kí ló ń bàjẹ́ bí wọ́n bá ṣì í ṣe. Owó gbígbà wọlé ń wáyé lójoojúmọ́, àṣìṣe rẹ̀ sì ń ba ìwé èrè jẹ́, ó ń lé oníbàárà. Ìròyìn fífà jẹ́ ti ẹni kan lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Sítọ́ọ̀kípà kò nílò ju kó mọ bí a ṣe ń kọ ọjà tó wọlé àti èyí tó jáde. Nínú gbogbo àwọn tó kún gbọ̀ngàn yẹn, kaṣíà àti ẹni tó ń dúró fún un ni ẹ̀kọ́ owó gbígbà kàn, akáǹtáǹtì sì ni ti ìwé báǹkì. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í lo ètò náà gan-an sì ni ká kọ́ wọn, kì í ṣe oṣù méjì ṣáájú.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ wọlé, kó má bi wọ́n bóyá wọ́n gbádùn olùkọ́. Ní òpin oṣù, kó mú oníbàárà márùn-ún tó ti sanwó, kó wò ó bóyá orúkọ wọn ṣì wà nínú `A/R Aging Summary`. Kó tún wo àpò tí ètò náà ń pè ní `Undeposited Funds`, tí àwọn mìíràn ń rí gẹ́gẹ́ bí `Payments to deposit`. Bí owó bá ń gbá jọ síbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ó ti wà ní báǹkì, kaṣíà ti mọ bí a ṣe ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà, kò tíì mọ bí a ṣe ń so ó mọ́ èyí tó wọ báǹkì. Apá kejì yẹn nìkan ni kí a tún kọ́ ọ.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó fẹ́ ra ètò tuntun lọ́dún yìí, ẹ má buwọ́ lu owó olùkọ́ kankan tí kò tíì jókòó ti kaṣíà yín ní òpin oṣù kan.