Bí Lẹ́tà Owó-Orí Bá Bá Ọ Nílé Nítorí Fúláàtì Tó O Fi Háyà

Àbúrò mi, sún mọ́ mi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí à ń sọ ní òde àríyá. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ní fúláàtì méjì tàbí mẹ́ta tí ayálégbé wà nínú wọn. Owó-orí iṣẹ́ oṣù wa ti máa ń kúrò kí owó tó dé báńkì, ọ̀pọ̀ sì rò pé ó parí síbẹ̀, títí lẹ́tà HMRC, iléeṣẹ́ owó-orí ìjọba, yóò fi dé pé ó jọ pé o ń gba owó ilé tí o kò ròyìn.

Má bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ẹni tó lọ ṣòfófó rẹ. Ó lè má jẹ́ ayálégbé tó o lé jáde rárá. Orúkọ rẹ wà lórí ilé mẹ́ta nínú ìwé ilẹ̀ ìjọba, bẹ́ẹ̀ ẹyọ kan ṣoṣo lèèyàn lè máa gbé. Bí ìjọba bá sì béèrè lọ́wọ́ àwọn ájẹ́ǹtì, wọ́n á kó orúkọ onílé àti iye tí wọ́n gbà fún un sílẹ̀.

Kọ́kọ́ wo irú lẹ́tà tó jẹ́. Bó bá jẹ́ èyí tó kàn ń pe àkíyèsí rẹ, ètò tí wọ́n ń pè ní Let Property Campaign, tó ti wà láti ọdún 2013, ṣì wà fún ọ láti fi ẹnu ara rẹ sọ ohun tó kù. Bó bá sọ ní pàtó pé àwọn ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí owó-orí rẹ, ètò yẹn kò sí fún ọ mọ́, òṣìṣẹ́ tó kọ lẹ́tà ni kó o sọ gbogbo rẹ̀ fún.

Ìwé kan sábà máa ń wà nínú àpòòwé náà tí wọ́n á ní kó o mú èyí tó bá bá ọ mu nínú rẹ̀, kó o sì fọwọ́ sí i. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ kó o rọra. Òfin kò fi dandan mú ọ láti fọwọ́ sí ìwé yẹn. Ṣùgbọ́n bó o bá fọwọ́ sí i pé kò sóhun tó kù, tí ó sì kù, ohun tó jẹ́ àìmọ̀ tẹ́lẹ̀ ti di irọ́, irọ́ bẹ́ẹ̀ sì lè gbé èèyàn dé kóòtù. Kì í ṣe pé kó o wá dákẹ́ o. Ẹni tó bá dákẹ́ ni wọ́n máa ń ṣí ìwádìí lé lórí. Fi lẹ́tà tìrẹ dá wọn lóhùn kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé, tàbí kó o bẹ̀rẹ̀ ìròyìn náà fúnra rẹ.

Ohun tó ń já ọ̀pọ̀ wa láyà jù ni ìṣirò. Wàá gbọ́ tí obìnrin á ní, “Èrè wo ni mo jẹ? Mọ́gééjì ló ń gbé gbogbo rẹ̀ lọ.” Owó tó ṣẹ́kù sí ọ lọ́wọ́ kọ́ ni ìjọba ń pè ní èrè.

Ká ní nọ́ọ̀sì kan ń gba pọ́n-ùn 38,000 lọ́dún, ó sì ní fúláàtì kan ní Pẹ́kámù àti méjì ní Kẹ́ńtì. Lọ́dún owó-orí 2023 sí 2024, Pẹ́kámù mú 12,000 wá, àwọn méjì yòókù mú 9,600 àti 8,400. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 30,000. Ìnáwó tí òfin gbà kó yọ, ìyẹn owó ájẹ́ǹtì, ìnṣọ́ránsì, àtúnṣe àti owó ìtọ́jú ilé, jẹ́ 8,000. Gbogbo fúláàtì yìí ni wọ́n kà pọ̀ sí òwò kan, nítorí náà bí ọ̀kan bá pàdánù, ó ń dín èrè àwọn yòókù kù. Èrè rẹ̀ wá jẹ́ 22,000.

Mọ́gééjì tó san lọ́dún yẹn jẹ́ 15,000, nítorí náà 7,000 péré ló rí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n 6,000 nínú mọ́gééjì náà ni owó tó yá gan-an tó ń san padà, kò sì sí ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pé ìnáwó ni. 9,000 tó kù jẹ́ èlé. Látọdún 2020, wọn kì í yọ èlé ilé gbígbé kúrò nínú owó ilé mọ́. Wọ́n kàn ń gé ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ kúrò nínú owó-orí fúnra rẹ̀.

Owó iṣẹ́ àti èrè ilé pọ̀ jẹ́ 60,000. Nínú èrè yẹn, 12,270 ló wà lábẹ́ ààlà 50,270 tí owó-orí ìdá ogójì ti ń bẹ̀rẹ̀, ìdá ogún rẹ̀ sì jẹ́ 2,454. 9,730 ló kọjá ààlà, ìdá ogójì rẹ̀ jẹ́ 3,892. Àpapọ̀ jẹ́ 6,346. Yọ 1,800 tí wọ́n fún un lórí èlé kúrò, 4,546 ló jẹ fún ọdún kan ṣoṣo yẹn. Ṣó o rí i? Ẹni tó rí 7,000 lọ́wọ́ ló ń san 4,546.

Nítorí náà, kọ̀wé sí báńkì mọ́gééjì kó fún ọ ní ìwé tó ya èlé sọ́tọ̀ fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Gba àkọsílẹ̀ ọdọọdún lọ́wọ́ ájẹ́ǹtì, kó o sì tẹ ìwé báńkì tìrẹ jáde. Nígbà tó o bá ń ka àtúnṣe, ìkòkò omi gbígbóná tó o fi irú rẹ̀ rọ́pò jẹ́ ìnáwó, ṣùgbọ́n yàrá tuntun tó o fi kún ilé kì í ṣe ìnáwó. Tọ́jú rìsíìtì yàrá náà di ọjọ́ tó o bá ta ilé. Bó bá jẹ́ ìwọ àti ọkọ rẹ lẹ jọ ni ilé, ìdajì ìdajì ni wọ́n sábà máa ń pín in, olúkúlùkù yóò sì ṣe ìròyìn tirẹ̀.

Owó ìtanràn ńkọ́? Ìwà rẹ ni wọ́n fi ń ṣòdiwọ̀n rẹ̀. Fún ẹni tí kò mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́, tó dúró dìgbà tí wọ́n pè é, tó sì ti ju ọdún kan lọ tí owó náà ti tó san, ó máa ń wà láàárín ìdá ogún sí ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún owó-orí. Bí nọ́ọ̀sì wa bá sọ gbogbo rẹ̀ láì fi nǹkan kan pamọ́, tó bá wọn ṣe ìṣirò, tó sì kó ìwé sílẹ̀, wọ́n lè fi í sí ìdá ogún, tó jẹ́ bíi 909, èlé ìpẹ́ sì tún wà lórí rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́ yóò san jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹni tí kò fi orúkọ sílẹ̀ rárá, wọ́n lè padà sẹ́yìn dé ogún ọdún fún un. Má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ọdún tó wù ọ́, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ayálégbé àkọ́kọ́ wọlé.

Lórí ẹ̀rọ ayélujára ìjọba ni wàá ti kọ́kọ́ sọ fún wọn pé o fẹ́ ròyìn. Wọ́n á fún ọ ní nọ́ńbà. Látìgbà tí wọ́n bá ti fèsì, o ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ láti fi ìṣirò ránṣẹ́ kó o sì sanwó. Bí owó kò bá tó, pè wọ́n kí ọjọ́ tó pé, kẹ́ ẹ jọ ṣètò sísan díẹ̀díẹ̀.

Ilé tó o fi háyà ní Ìbàdàn ńkọ́? Bí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ń kà ọ́ sí olùgbé wọn, ó yẹ kó o ròyìn òun náà, ṣùgbọ́n ètò mìíràn tó wà fún owó òkè òkun ni wàá bá lọ. Nàìjíríà àti wọn ní àdéhùn kí èèyàn má san owó-orí lẹ́ẹ̀mejì lórí owó kan náà, nítorí náà mú rìsíìtì owó-orí tó o san nílé dání. Àpapọ̀ fúláàtì mẹ́ta pẹ̀lú ilé òkè òkun kì í ṣe ìṣirò tí èèyàn ń dá ṣe. Sanwó fún akáùńtáǹtì lórí èyí kó o tó fi nǹkan kan ránṣẹ́.