Dàbínù Mẹ́ta, Ègbè Kan

Àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹ̀yin tó fẹ́ kọ ewì ọpẹ́ àti sùúrù fún ìrọ̀lẹ́ ìṣínu ní Bẹ́mọ́ńsì, òwe yìí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ànábì kọ́ wa pé ẹni tí kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn kò dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nítorí náà, kí ewì yín tó gòkè lọ sọ́dọ̀ Ọba Aláàánú, ẹ jẹ́ kó yà ní ilé ìdáná. Ẹ má wulẹ̀ dúpẹ́ fún ohun gbogbo. Ẹ dárúkọ ìyá tó dúró ti ìkòkò mọ́ínmọ́ín, tí kò lè tọ́ ọ wò nítorí ààwẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ wo aago pẹ̀lú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ọdún 2026, nǹkan bí aago 5 kọjá ìṣẹ́jú 20 ni oòrùn wọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Láàárín Màgàríbì sí Iṣáì, ẹ ó ṣínu, ẹ ó kírun, ẹ ó jẹun, àwọn tó ń lọ kí àṣámù ní mọ́ṣáláṣí Old Kent Road yóò sì ti máa wá bàtà. Ewì ìṣẹ́jú 5 tó. Ní Òkúdù 2016, tí oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn aago 9 alẹ́, ìlà mẹ́fà péré ni ǹ bá kọ.

Ọgbọ́n wákà ló bá ìdílé mu jù: ẹnì kan á lé, àwọn yòókù á gbè. Kí ègbè rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ tí wọ́n bí sí Pẹ́kàmù yóò fi mú un lẹ́ẹ̀kan:

Dàbínù mẹ́ta lọ́wọ́ ìyá wa,
*A dúpẹ́, a ó tún ṣe sùúrù.*
Bọ́ọ̀sì pẹ́, òjò pa wá, a délé,
*A dúpẹ́, a ó tún ṣe sùúrù.*
Ẹbí wa tó jìnnà, Ọlọ́run pa wọ́n mọ́,
*A dúpẹ́, a ó tún ṣe sùúrù.*

Ẹ ṣọ́ra níbi "ẹbí wa" yẹn. Bí ohùn orin bá bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀, "ẹ̀bi wa" ni àwọn àgbà yóò gbọ́, ẹ ó sì ti di ẹ̀ṣẹ̀ ru àwọn ará ilé. Orin gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wí i bí ẹni ń sọ̀rọ̀, kí ẹ tó kọ ọ́ lórin.

Onísùúrù ní í fún wàrà kìnnìún, ṣùgbọ́n sùúrù kì í ṣe pé kí a di ẹnu. Ànábì Ayyúbà sọ ìnira rẹ̀ fún Olúwa rẹ̀, síbẹ̀ onísùúrù ni wọ́n pè é. Ẹ fi àyè ìlà kan sílẹ̀ fún ẹni tí ọdún náà le fún. Bí ó bá fẹ́, kí ó lé e fúnra rẹ̀. Bí ohùn rẹ̀ bá há lọ́nà ọ̀fun, kí ọmọ tó kéré jù nínú ilé tètè gbé ègbè.