Ẹ Ṣọ́ra fún Ìwé "Agbaninímọ̀ràn" ní Koumassi

Ojú ewé mẹ́ta péré ni ìwé náà. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, òǹtẹ̀ iléeṣẹ́ wà nísàlẹ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sókè pé àdéhùn iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn ni. Ọmọ Èjìgbò kan ló mú un wá bá mi nítòsí Grand Carrefour, lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n ní kó má wá síbi iṣẹ́ mọ́. Ó ti lo ọdún mẹ́rin gbáko ní iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe ike ní àgbègbè iléeṣẹ́ Koumassi. Òun ló ń ka ọjà wọlé, tó ń ka ọjà jáde, tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹrù.

Mo bi í pé, "Ta lo ń gbà nímọ̀ràn níbẹ̀? Ike ni àbí ọmọrí rẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi dákẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní mi ò ní ẹ̀tọ́ kankan. Wọ́n ní agbaṣẹ́ṣe ni mí."

Ẹjọ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ fi ṣe ìkìlọ̀ fún àwọn ọmọ wa ní Koumassi, Marcory, Treichville àti Port-Bouët, nítorí irú ìwé yìí ti ń wọ́pọ̀ jù. Àwọn tó kàwé díẹ̀ gan-an ló ń kó sí i, torí orúkọ náà dùn ún gbọ́ létí. Ta ni kò fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní agbaninímọ̀ràn?

Òfin Iṣẹ́ Côte d'Ivoire tó wà lóde báyìí jáde ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2015. Ohun tó wí nípa òṣìṣẹ́ kò ṣòro: ẹni tó bá fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ ìdarí àti àṣẹ ẹlòmíràn, tó sì ń gba owó lé e, òṣìṣẹ́ ni. Òfin kò béèrè orúkọ tí wọ́n kọ sókè ìwé. Bí wọ́n bá kọ "ewúrẹ́" sára àgùntàn, àgùntàn náà ni yóò ṣì máa jẹ́. Nítorí náà, ohun tí a ó wò ni bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Faransé là á sílẹ̀ dáadáa ní ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá ọdún 1996, nínú ẹjọ́ kan tó kan báńkì Société Générale. Wọ́n ní ohun mẹ́ta ló ń fi hàn pé ẹnì kan wà lábẹ́ ẹlòmíràn: ọ̀gá lè pàṣẹ fún un, ọ̀gá lè ṣọ́ bó ṣe ń ṣe iṣẹ́, ọ̀gá sì lè fìyà jẹ ẹ́ bó bá ṣẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 2020, ilé-ẹjọ́ yẹn kan náà wo awakọ̀ Uber kan tó forúkọ sílẹ̀ bí ẹni tó dá dúró, wọ́n sì ní òṣìṣẹ́ ni. Abidjan kò sí lábẹ́ ilé-ẹjọ́ Paris, àmọ́ "ìdarí àti àṣẹ" tó wà nínú òfin ti ibí náà ni wọ́n ń wọ̀n lọ́hùn-ún.

Mo wá ní kí ọmọkùnrin yìí sọ bí ọjọ́ kan ṣe máa ń rí fún un. Agogo méje ààbọ̀ ló gbọ́dọ̀ ti tẹ̀ka sí ẹ̀rọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Báàjì wà lọ́rùn rẹ̀, orúkọ iléeṣẹ́ ló wà lára rẹ̀. Kọ̀ǹpútà, tábìlì, bírò, ti iléeṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Kò lè rán àbúrò rẹ̀ lọ dípò ara rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Kò lè bá iléeṣẹ́ míì ṣiṣẹ́. Ìparí oṣù ni wọ́n ń san 300,000 sẹ́fà fún un, yálà ọjà pọ̀ tàbí kò pọ̀. Nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọ́n yọ 90,000 kúrò nínú owó rẹ̀.

Ó wá rántí ohun kan, ó wá a jáde láti inú àpò rẹ̀. Kúérì ni. Ní ọdún kejì, ó pẹ́ dé ibi iṣẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n sì kọ̀wé sí i pé kó ṣàlàyé láàárín wákàtí 48, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò fìyà tó tọ́ jẹ ẹ́. Mo gbá tábìlì. Ta ló ń fún agbaninímọ̀ràn ní kúérì? Bí oníbàárà kò bá fẹ́ iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe mọ́, yóò fòpin sí àdéhùn tàbí kó má sanwó. Kì í kọ̀wé sí i pé ó pẹ́ dé. Bébà kan ṣoṣo yẹn wúwo ju ojú ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àdéhùn náà lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ owó, torí owó ló fa gbogbo rẹ̀. Ká ní wọ́n gbà á bí òṣìṣẹ́ lórí 300,000 sẹ́fà yẹn, CNPS yóò gba 6.3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ rẹ̀ fún owó ìfẹ̀yìntì, ìyẹn 18,900. Owó orí lórí owó oṣù, bí wọ́n ṣe tún un ṣe láti oṣù Kìíní ọdún 2024, kò kan 75,000 àkọ́kọ́. Ó gba 16 nínú ọgọ́rùn-ún lórí èyí tó tẹ̀ lé e títí dé 240,000, ó sì gba 21 lórí 60,000 tó kù. Fún ẹni tí kò tíì ní ìyàwó tàbí ọmọ, 39,000 nìyẹn. Ìdajì owó ìlera CMU jẹ́ 500. Àpapọ̀ ohun tí wọn yóò yọ jẹ́ 58,400. Ohun tí wọ́n fi tàn án nìyí: "Gbà á bí agbaninímọ̀ràn, a ò ní yọ nǹkan kan."

Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ìpín tí iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀ yóò san sí CNPS lórí òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́ 7.7 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìfẹ̀yìntì, ìyẹn 23,100. Ti owó ọmọ, ìbímọ àti ìjàǹbá ibi iṣẹ́ tún wà, tí wọ́n ń ṣírò lórí 75,000 nìkan. Àpapọ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 29,000 sí 31,000 lóṣù. Ìyẹn ni iléeṣẹ́ fi ìwé olójú ewé mẹ́ta fo dá.

Ọmọkùnrin náà ńkọ́? Oṣù 48 ló lò, ìpín tiẹ̀ àti ti iléeṣẹ́ fún ìfẹ̀yìntì ì bá sì jẹ́ 42,000 lóṣù. Ó lé ní mílíọ̀nù méjì sẹ́fà tí kò dé CNPS rárá. Ẹni tó bá fẹ́ máa gba owó ìfẹ̀yìntì oṣooṣù gbọ́dọ̀ ti dá owó fún ọdún 15. Ọdún mẹ́rin nínú ayé rẹ̀ kò sí nínú ìṣirò yẹn báyìí. Ìsinmi ọdọọdún tí wọ́n máa sanwó fún, ọjọ́ iṣẹ́ 2.2 fún oṣù kọ̀ọ̀kan, kò rí i. Nígbà tí wọ́n sì lé e, owó ìdásílẹ̀ fún ọdún márùn-ún àkọ́kọ́ jẹ́ 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Ti ọdún mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 360,000. Ó tún yẹ kí wọ́n fún un ní ìkìlọ̀ oṣù kan, ó kéré tán, tàbí kí wọ́n san owó rẹ̀. Fóònù ni wọ́n fi pè é ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Kì í ṣe gbogbo àdéhùn agbaninímọ̀ràn ni ẹ̀tàn. Mo mọ obìnrin wa kan tó ń ṣe ìwé ìṣirò owó fún ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin lọ́jà Koumassi. Kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ló ń lò, òun ló ń dá iye tó fẹ́ gbà, ó ń wá nígbà tó bá wù ú, bí kò bá sì ráyè, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ń rán wá. Agbaṣẹ́ṣe gidi nìyẹn, kò sì sí ilé-ẹjọ́ tó máa sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n òun náà mọ ẹrù tó gbé: ó ní nọ́ńbà agbowó-orí tirẹ̀, ó ń fún oníbàárà ní ìwé-owó tí ìjọba fọwọ́ sí, òun fúnra rẹ̀ ló ń san owó orí rẹ̀, ó sì ti forúkọ sílẹ̀ ní CNPS lábẹ́ ètò àwọn tó dá dúró, èyí tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2019. Ìpín 12 nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó tó kéde ló ń san: 9 fún ìfẹ̀yìntì, 3 fún àìsàn àti ìbímọ. Kò sí owó ọmọ níbẹ̀, kò sì sí owó ìdásílẹ̀. Ó ti fi gbogbo ìyẹn sínú iye tó ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà. Ọmọ oníke kò fi nǹkan kan sí i. Iye tí òṣìṣẹ́ ń gbà ló gbà, ẹrù agbaṣẹ́ṣe ló rù.

Iléeṣẹ́ náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ gbèsè. Bí àwọn ayẹ̀wéwò CNPS tàbí ti owó orí bá wọlé, tí wọ́n rí ẹni tó ń tẹ̀ka lójoojúmọ́ tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé owó oṣù, ọwọ́ agbanisíṣẹ́ ni wọn yóò ti béèrè owó tó yẹ kó ti yọ, pẹ̀lú owó ìtanràn. Àwọn ọ̀gá kéékèèké tiwa náà tó ní ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ń da ìwé bẹ́ẹ̀ kọ láti ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́, kí wọ́n fetí sí èyí.

Mo sọ fún ọmọkùnrin náà pé kó má tíì wá lọ́yà. Òfin ní kí ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá kọ́kọ́ dé iwájú ìnsípẹ́kítọ̀ iṣẹ́ fún ìlàjà kí ilé-ẹjọ́ iṣẹ́ tó lè gbọ́ ọ. Ìnsípẹ́kítọ̀ kì í gbowó. Bí wọn kò bá gbọ́ra yé, yóò kọ ìwé pé ìlàjà kò ṣeé ṣe, ìwé yẹn ni ọmọkùnrin náà yóò gbé lọ sílé-ẹjọ́. Ohun tó yẹ kó kó dání ni báàjì, kúérì, àwọn àṣẹ tí ọ̀gá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àti àkọsílẹ̀ owó tó ń wọ àpò rẹ̀ níye kan náà lóṣooṣù. Òfin gbà kó fi ẹ̀rí yòówù gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Kó sì má jẹ́ kó pẹ́, torí ẹ̀tọ́ owó oṣù tí èèyàn kò tètè béèrè máa ń lọ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá lé yín. Ẹ gbé ìwé ìdánimọ̀ yín lọ sí CNPS lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ béèrè bóyá orúkọ yín wà níbẹ̀, àti oṣù mélòó ni ọ̀gá yín ti san lé e lórí.