Ẹnu Ẹ̀rọ Omi àti Gọ́tà: Ìmọ̀ràn fún Ọmọṣẹ́ tó Ń Ra Sẹ́ńsọ̀

Ọmọ mi, ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń rọ omi sínú ìgò, sẹ́ńsọ̀ tó ń ka ìgò lórí bẹ́líìtì kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo sáré lọ sọ́jà, mo ra òmíràn tó tóbi bákan náà, fóòtì 24, wáyà mẹ́ta. Ìgò ń kọjá, iná ara sẹ́ńsọ̀ ń ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n PLC, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ náà, kò ka ẹyọ kan. Mo ní ayédèrú ni sẹ́ńsọ̀, mo tún ní ojú PLC ti jóná. Irọ́ ni méjèèjì. NPN ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, PNP ni mo rà wá.

1. Mọ ọ̀nà tí iná ń gbà. Wáyà búráùn ń lọ sí fóòtì 24, búlúù ń lọ sí òdo, dúdú sì ni ìránṣẹ́ tó ń lọ bá PLC. Bí PNP bá rí nǹkan, yóò so dúdú mọ́ fóòtì 24: ẹnu ẹ̀rọ omi nìyẹn, ó ń tú iná jáde. Bí NPN bá rí nǹkan, yóò so dúdú mọ́ òdo: gọ́tà nìyẹn, ó ń gba iná lọ.

2. Wo ibi tí wọ́n so kọ́mọ́nù PLC mọ́. Bí kọ́mọ́nù àwọn ojú ìwọlé bá wà lórí òdo, iná ni wọ́n ń retí kí ẹnì kan fún wọn, PNP ló bá wọn mu. Bí ó bá wà lórí fóòtì 24, wọ́n ti níná lọ́wọ́, ibi tí wọn yóò tú u sí ni wọ́n ń wá, NPN ló bá wọn mu. Orí 24 ni tèmi wà, mo sì tún gbé 24 wá bá a. Ẹnu ẹ̀rọ omi méjì tó kọjú síra, ta ni yóò gba omi? Má gbára lé orúkọ "olùfúnni" àti "olùgbà" inú ìwé. Àwọn kan ń fi iṣẹ́ sẹ́ńsọ̀ pe ojú ìwọlé, àwọn mìíràn ń fi iṣẹ́ ojú ìwọlé fúnra rẹ̀ pè é. Àwòrán wáyà ni kí o tẹ̀ lé.

3. Jẹ́ kí mítà sọ̀rọ̀. Fi ẹsẹ̀ mítà kan sórí búlúù, èkejì sórí dúdú, kí gbogbo rẹ̀ ṣì wà ní síso. NPN tó bá PLC mu yóò wà nítòsí 24 nígbà tí kò rí nǹkan, yóò sì já wálẹ̀ sí bíi òdo bí ìgò bá dé. Ti PNP yí èyí padà. Tèmi lọ́jọ́ náà kò kúrò nítòsí 24, ìgò wà níbẹ̀ o, kò sí o. Ibẹ̀ ni mo ti mọ àṣìṣe mi. Bí o bá fẹ́ dá ojú ìwọlé lẹ́bi, dá ẹ̀rọ dúró kí mọ́tò má baà ṣí, yọ wáyà dúdú kúrò, kí o fi wáyà kan láti òdo kan ojú ìwọlé náà. Bí iná rẹ̀ bá tàn, ara rẹ̀ dá, gọ́tà ló ń wá.

4. Bí o bá ti ra èyí tí kò bá a mu, má yí kọ́mọ́nù padà nígbà tí àwọn sẹ́ńsọ̀ mìíràn ṣì wà lórí rẹ̀. Gbogbo wọn ni yóò dákẹ́. Rilé kékeré lè gbà ọ́: so kọ́ìlì rẹ̀ sáàárín dúdú àti búlúù PNP, kí ẹnu rẹ̀ so ojú ìwọlé mọ́ òdo. Ṣùgbọ́n rilé lọ́ra. Ó tó fún ilẹ̀kùn tàbí táńkì. Ìgò tó ń sáré yóò máa bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi padà sọ́jà lọ pààrọ̀ tèmi.

5. Bí ẹ̀rọ bá jẹ́ tuntun, bi ara rẹ pé: bí wáyà dúdú bá bó, tó kan irin ara ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ òdo ńkọ́? Lójú PLC, ìyẹn kò yàtọ̀ sí NPN tó rí nǹkan. Yóò ka ìgò tí kò sí, tàbí kí ó gbé ẹ̀rọ dìde fúnra rẹ̀. Ti PNP, àmì yóò sọnù, fíúsì sì lè já. Ìdí nìyí tí mo fi ń yan PNP, bí wọ́n ṣe ń ṣe jù ní Yúróòpù. Ẹ̀rọ láti Japan àti China sábà máa ń jẹ́ NPN. Fi tirẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

6. Ojú ìjáde PLC náà kò yàtọ̀. Èyí tó ń tú iná jáde, so ẹsẹ̀ kejì kọ́ìlì fáàfù mọ́ òdo. Èyí tó ń gba iná, so ó mọ́ 24.

7. Má fi ọwọ́ lásán lọ sọ́jà. Mú òkú sẹ́ńsọ̀ náà dání, kí o sì ka lẹ́tà mẹ́ta ara rẹ̀ kí o tó béèrè iye owó. Lẹ́tà mẹ́ta yẹn ni n kò kà, ó sì gba odidi ọjọ́ kan lọ́wọ́ mi.