Ẹ̀KỌ́ KẸRÌNLÁ: ÀPÒ SÍMẸ́ŃTÌ WO NI A TÀ?

Ẹ kọ́kọ́ ka àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí:

Ojú owó: owó tí a fi ń ṣòwò.
Èrè: ohun tí ó kù nígbà tí a bá yọ iye tí a ra ọjà kúrò nínú iye tí a tà á.
Ọjà àkọ́rà: ọjà tí a kọ́kọ́ rà.
Ọjà àràkẹ́yìn: ọjà tí a rà kẹ́yìn.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á kàwé.

Ìyá kan ń ta símẹ́ńtì. Ní oṣù kìn-ín-ní, ó ra àpò 10. ₦8,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ ₦80,000. Ní oṣù kejì, símẹ́ńtì gbówó lórí. Ó tún ra àpò 10 ní ₦9,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ ₦90,000. Àpò 20 ló wà ní ṣọ́ọ̀bù báyìí, ₦170,000 ló sì ná an.

Lẹ́yìn èyí, ó ta àpò 10 ní ₦9,500 ọ̀kọ̀ọ̀kan. ₦95,000 wọlé. Èló ni èrè rẹ̀?

Ẹ má tíì dáhùn. Àpò wo ló tà? Ti ₦8,000 ni àbí ti ₦9,000? Ẹ jẹ́ kí á wo méjì nínú àwọn ọ̀nà tí àwọn oníṣirò owó ń gbà dáhùn.

Ọ̀nà kìn-ín-ní: ohun tó kọ́kọ́ wọlé ni kó kọ́kọ́ jáde.
Ó tà á ní ₦95,000. Ó ra àkọ́rà ní ₦80,000. Èrè jẹ́ ₦15,000.
Nínú ìwé, ọjà tó kù jẹ́ ₦90,000.

Ọ̀nà kejì: ohun tó wọlé kẹ́yìn ni kó kọ́kọ́ jáde.
Ó tà á ní ₦95,000. Ó ra àràkẹ́yìn ní ₦90,000. Èrè jẹ́ ₦5,000.
Nínú ìwé, ọjà tó kù jẹ́ ₦80,000.

Símẹ́ńtì kan náà ni, owó kan náà ló wọlé. Ìwé nìkan ló yàtọ̀. ₦10,000 tí ọ̀nà kìn-ín-ní pè ní èrè, inú ọjà tó kù ló wà. Bí ìyá yìí bá ta gbogbo àpò 20 tán tí kò sì ra òmíràn, ₦170,000 ni ọ̀nà méjèèjì yóò sọ pé ọjà náà ná an. Bí iye ọjà kò bá sì yí padà rárá, ọ̀nà méjèèjì á bára mu láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ibo wá ni ewu wà? Ìyá yìí rí èrè ₦15,000 nínú ìwé, ó fi san owó ilé-ìwé ọmọ. Ó ku ₦80,000. Ó padà lọ ra símẹ́ńtì ní ₦9,000. Àpò 8 péré ni owó náà rà, ₦8,000 ló ṣẹ́ kù. Àpò 10 ló jáde, 8 ló wọlé. Kì í ṣe èrè nìkan ló ná, ó ti jẹ nínú ojú owó. ₦5,000 péré ni ì bá ná, kí àpò 10 lè padà sílé. Ọ̀nà kejì ló fi èyí hàn án.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kejì náà ní àléébù. Iye àtijọ́ ló ń fi sílẹ̀ fún ọjà tó kù. Bí a bá ń tà láìra òmíràn, iye àtijọ́ náà á jáde, èrè á sì dà bí ẹni pé ó wú. Bí ẹ bá rí i pé èrè ń pọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù sì ń ṣófo, ohun tó fà á nìyẹn.

Ẹ kíyè sí i: ìwé ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún, kì í ṣe ibi tí a ń kó àpò sí. Símẹ́ńtì tó bá pẹ́ nílẹ̀ máa ń dì. Nítorí náà, àpò àtijọ́ ni kí ẹ máa kọ́kọ́ gbé jáde, ọ̀nà yòówù kí ẹ fi ṣírò.

Láti 2005, ìlànà ìṣirò owó tí orílẹ̀-èdè púpọ̀ ń lò kò gba ọ̀nà kejì mọ́. Ní 2012 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ lé ìlànà náà. Amẹ́ríkà ṣì gbà á. Bí ọjà bá ń gbówó lórí, èrè á kéré nínú ìwé, owó orí á sì dín kù. Bí ìwé yín bá jẹ́ ti ọ̀nà kìn-ín-ní, ẹ kọ́kọ́ ya owó tí ẹ ó fi ra ọjà padà sọ́tọ̀, ní iye tí wọ́n ń tà á lónìí. Èyí tó bá kù ni kí ẹ ná.

ÌBÉÈRÈ

Ká ní àpò 15 ni ìyá yìí tà nínú 20, ní ₦9,500 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èló ni èrè rẹ̀ ní ọ̀nà kìn-ín-ní? Èló ni ní ọ̀nà kejì?

ÌDÁHÙN

Owó tó wọlé jẹ́ ₦142,500.
Ọ̀nà kìn-ín-ní: àpò 10 jẹ́ ₦80,000, àpò 5 jẹ́ ₦45,000. Àpapọ̀ jẹ́ ₦125,000. Èrè jẹ́ ₦17,500.
Ọ̀nà kejì: àpò 10 jẹ́ ₦90,000, àpò 5 jẹ́ ₦40,000. Àpapọ̀ jẹ́ ₦130,000. Èrè jẹ́ ₦12,500.