Kí ẹ tó ṣí àpótí orí òpó

Ẹ̀yin ọmọ tó ń gun òpó fáíbà láti Arámọkọ dé Ìjerò àti Ẹ̀fọ̀n, bí oníbàárà bá pè yín pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì òun ti lọ, ilé aládùúgbò rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yà. Fáíbà tó wọ ilé rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ní 2020, ìjọba Èkìtì lábẹ́ Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí gé owó ojú ọ̀nà tí àwọn tó ń ri fáíbà ń san, láti ₦4,500 sí ₦145. Owó wálẹ̀, ṣùgbọ́n òkè Ẹ̀fọ̀n kò wálẹ̀. Ta ló fẹ́ gbẹ́ àpáta nígbà méjìlélọ́gbọ̀n nítorí ilé méjìlélọ́gbọ̀n? Ìdí nìyẹn tí a fi ń fa ẹyọ fáíbà kan, tí a sì ń fi sípílítà pín in.

Sípílítà kò jẹ iná mànàmáná rárá. Gíláàsì lásán ni, tó ń pín ìmọ́lẹ̀, ohun tó bá sì pín ti dínkù nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹ̀rọ ọ́fíìsì wa wà ní kìlómítà 12 sí ilé oníbàárà. Fáíbà náà á jẹ nǹkan bíi dísíbẹ́ẹ̀lì 4.2. Sípílítà àkọ́kọ́, tó pín in sí mẹ́rin, á jẹ 7.2, èkejì, tó wà lórí òpó àdúgbò, tó tún pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́jọ, á jẹ 10.5. Àwọn ojú ìsopọ̀ gbogbo á jẹ 2.6. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 24.5, nígbà tí irú ẹ̀rọ tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ wa kò gbà ju 28 lọ. Bí ọ́fíìsì bá rán +3 dBm jáde, ó yẹ kí mítà yín ka nǹkan bíi -21.5 dBm nínú ilé. Bó bá ti kọjá -27, ẹ̀rọ ilé kò ní ríran mọ́.

Ìwúlò aládùúgbò wá dé. Bí ilé kan bá ka -26, tí àwọn tó wà lórí àpótí kan náà ń ka -21, kò sóhun tí àpótí ṣe: wáyà tó wọ ilé náà ni kí ẹ tọ̀. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ká a kọjá ààlà létí fèrèsé, tàbí kí eruku wà lójú rẹ̀, tàbí kí ẹnìkan ti ki orí búlúù bọ ihò tó jẹ́ ti orí gíríìnì. Bí ilé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá jọ ṣubú, ẹ̀yìn àpótí, lápá ọ́fíìsì, ni kí ẹ kọjú sí.

Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ nìkan kọ́ ni wọ́n jọ ń pín. Wọ́n ń pín àkókò pẹ̀lú, mítà yín kò sì lè rí ìyẹn. Ohun tó ń ti ọ́fíìsì bọ̀, gbogbo ilé ló ń dé. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan á mú tirẹ̀, torí a ti fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí dì í. Èsì tó ń padà lọ ló nira. Bí ìpàdé ìlú ni: gbogbo ènìyàn ló ń gbọ́ alága, ṣùgbọ́n ẹni tó bá nawọ́ sí ló ń sọ̀rọ̀. Ní gbogbo máíkírósẹ́kọ́ńdù 125 ni ẹ̀rọ ọ́fíìsì ń kéde ìgbà tí ilé kọ̀ọ̀kan á tan ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, àti ìgbà tó gbọ́dọ̀ pa á. Ẹni tó ní púpọ̀ láti rán á gba àyè gígùn, ẹni tó ń sùn á gba díẹ̀.

Ilé kan wà ní kìlómítà 2, òmíràn ní 12. Kìlómítà kan ń gba ìmọ́lẹ̀ ní máíkírósẹ́kọ́ńdù 5, nítorí náà àlọ àti àbọ̀ ti ilé jíjìn fi 100 ju ti itòsí lọ. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, èsì wọn á kọlu ara wọn. Ẹ̀rọ ọ́fíìsì ló ń wọn ọ̀nà ilé kọ̀ọ̀kan nígbà tó bá kọ́kọ́ wọlé, á sì ní kí ti itòsí dúró díẹ̀ kó tó dáhùn.

Àìsàn tó ń dààmú ọmọ iṣẹ́ jù wà níbí. Gbogbo ilé tó wà lórí fáíbà kan lè kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí mítà sì máa ka -21 tó dára níbi gbogbo. Iná pupa LOS kò tàn, ti PON ló ń ṣẹ́jú ṣáá. Ẹ má wá ibi tí fáíbà ti já, kò já. Ẹnìkan ló tan ìmọ́lẹ̀ tí kò pa á: ẹ̀rọ ilé tó ti bàjẹ́, tàbí ẹ̀rọ ìyípadà olówó pọ́ọ́kú tí ẹnìkan rà lọ́jà tó sì kì bọ fáíbà wa. Ẹ lọ sídìí sípílítà àkọ́kọ́, ẹ yọ ẹ̀ka lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹnìkan ní ọ́fíìsì máa wo ojú ẹ̀rọ. Èyí tí ẹ bá yọ tí àwọn yòókù padà wọlé, ibẹ̀ ni olè wà. Ẹ tẹ̀lé e dé àpótí òpó rẹ̀, kí ẹ tún yọ ilé lọ́kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. Tí ẹ bá rí ilé náà, ẹ gba ẹ̀rọ yẹn lọ́wọ́ onílé, kí ẹ má sì dá a padà sórí fáíbà lọ́jọ́ kankan.