Kí Ni Ìtumọ̀ 1:160 Lára Ìwé Àyẹ̀wò Wídàl?

Bí ibà bá mú èèyàn, tó sì lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní Ẹ̀kìnrìn-Àdé níhìn-ín tàbí ní Kàbà, àfàìmọ̀ ni kò fi ní rí ọ̀rọ̀ kan lára ìwé tí wọ́n bá fún un: Wídàl. Lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n á kọ O, wọ́n á kọ H, wọ́n á sì kọ nọ́ńbà síwájú wọn, bíi 1:40, 1:80 tàbí 1:160. Ẹni tó ni ìwé kì í sábàá bèèrè ìtumọ̀ nọ́ńbà yìí. Ohun tó máa gbọ́ ni pé, "Táífọ́ọ̀dù ti wà lẹ́jẹ̀ yín o." Ìgbà náà ni abẹ́rẹ́ àti omi tí wọ́n ń fà síni lára á bẹ̀rẹ̀, owó tí a fi ń ra ọjà á sì bá a lọ. Nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, a mọ iye ẹ̀yáwó tó ti bá irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lọ láì dé ọjà. Nítorí náà, nọ́ńbà kan ṣoṣo yìí, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní táítà, ni ẹ̀kọ́ wa fún oṣù yìí.

Orúkọ èèyàn ni Wídàl. Dókítà ará Faransé ni, Fẹ̀nán Wídàl, ọdún 1896 ló sì fi àyẹ̀wò náà hàn ní Párís. Ohun tó rí ni pé bí kòkòrò ibà jẹfunjẹfun, èyí tí gbogbo wa ń pè ní táífọ́ọ̀dù, bá wọ ara ènìyàn, ara á dá ọmọ-ogun sílẹ̀ láti bá a jà. Inú omi ẹ̀jẹ̀ ni àwọn ọmọ-ogun yìí ń gbé. Kòkòrò náà ní ara, ó sì ní ìrù tó fi ń lúwẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ-ogun kan mọ ara rẹ̀, àwọn ni wọ́n ń kọ O fún. Àwọn mìíràn mọ ìrù rẹ̀, àwọn ni H. Ẹ fi ọkàn sí èyí dáadáa: àyẹ̀wò Wídàl kò wá kòkòrò rárá. Ọmọ-ogun ló ń wá. Ibi tí ọ̀pọ̀ àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n á jẹ́ kí ó dì, omi pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀ kan á sì dá dúró lókè. Omi yìí ni wọ́n máa pò mọ́ kòkòrò táífọ́ọ̀dù tí wọ́n ti pa tẹ́lẹ̀ sínú ìgò kékeré. Bí ọmọ-ogun bá wà níbẹ̀, wọ́n á so àwọn kòkòrò mọ́ ara wọn, ẹ ó sì rí i tó ń ṣù bí ògì tí wọn kò rò dáadáa. Bí kò bá sí, omi náà á kàn wà bẹ́ẹ̀ láìṣù.

Ó kù kí á mọ bí ọmọ-ogun ṣe pọ̀ tó, ibẹ̀ ni nọ́ńbà ti wọlé. Ẹ fún ewúro, kí ẹ fi ife kan nínú omi rẹ̀ sí inú ife omi lásán mọ́kàndínlógún. Ogún ife ni gbogbo rẹ̀ jẹ́, ọ̀kan ṣoṣo ni ewúro: 1:20 nìyẹn. Ẹ tọ́ ọ wò, ó ṣì korò. Ẹ lé omi sí i títí tó fi di ogójì ife, ọgọ́rin, ọgọ́jọ. Ewúro tó korò gan-an, ẹ ó ṣì gbọ́ kíkorò rẹ̀ ní ọgọ́jọ ife. Èyí tí kò korò tó bẹ́ẹ̀, adùn rẹ̀ á ti pòórá ní ogójì. Bákan náà ni wọ́n ṣe ń la omi ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n á sì kọ ibi ìkẹyìn tó ti ṣù sílẹ̀. Bí ó bá ṣì ṣù nígbà tó jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́jọ, tí kò ṣù mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á kọ 1:160. Táítà nìyẹn. Kì í ṣe pé kòkòrò ọgọ́jọ wà lẹ́jẹ̀ yín, kì í sì í ṣe ìdá nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ tún rí i pé ìlọ́po méjì ni ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Láti 1:80 sí 1:160, ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo ni, bó tilẹ̀ jọ pé nọ́ńbà náà fò sókè. Ìgbésẹ̀ kan yìí kò ju ohun tí ojú ẹni méjì lè fi yàtọ̀ síra lọ, ní pàtàkì bó bá jẹ́ orí táìlì funfun ni wọ́n ti ṣe é. Ti orí táìlì kì í pẹ́, ìṣẹ́jú kan péré ni wọ́n fi ń wò ó. Bí ẹni tó ń ṣe é bá lọ dá ẹlòmíràn lóhùn, tó padà dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, omi náà á ti bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ, ohun tó gbẹ á sì dà bí ohun tó ṣù. Ti inú túùbù ló ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé jù, ṣùgbọ́n ó lè gbà tó ọjọ́ kan. Ẹ lè bèèrè èyí tí wọ́n ṣe fún yín. Kò sí ìwọ̀sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá fi oníṣòwò èlùbọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ni ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbóná, orí ń fọ́ ọ, òtútù ń mú un. Ní ọjọ́rú, ó lọ sí ibi àyẹ̀wò, wọ́n fún un ní ìwé: O jẹ́ 1:80, H jẹ́ 1:160. Wọ́n ní táífọ́ọ̀dù ni, kí ó wá gba abẹ́rẹ́ fún ọjọ́ méje.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí a máa bi ìwé yìí ni pé, ọjọ́ mélòó ni ibà náà? Ọjọ́ méjì. Àwọn ọmọ-ogun O kì í sábàá jáde kí ó tó tó bí ọ̀sẹ̀ kan tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀. H tún ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń tó ọjọ́ mẹ́wàá sí méjìlá. A jẹ́ pé ó ṣòro kí H 1:160 ti ọjọ́rú jẹ́ ti ibà tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Ti àtijọ́ ni. Ó lè jẹ́ pé táífọ́ọ̀dù kan ti kọjá lára ìyá yìí láìmọ̀ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, tàbí pé ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ rí, nítorí H lè wà lára fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní àdúgbò tí omi kànga àti omi odò ti ń bá ìgbẹ́ pàdé, ọ̀pọ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le ni ẹ ó rí 1:80 lára rẹ̀ bí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò lónìí. Máléríà pàápàá lè mú kí omi ẹ̀jẹ̀ ṣù nínú àyẹ̀wò Wídàl nígbà tí kò sí táífọ́ọ̀dù kankan.

Ìbéèrè kejì: ṣé wọ́n ṣe ti máléríà? Wọn kò ṣe é. Ìkán ẹ̀jẹ̀ kan láti ẹnu ìka ni, èsì rẹ̀ kì í ju bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Ká ní wọ́n ṣe é fún oníṣòwò wa, tí ilà méjì jáde, oògùn máléríà ọlọ́jọ́ mẹ́ta ni wọ́n á kọ́kọ́ fún un. Bí ibà náà bá lọ, ọ̀rọ̀ ti parí, abẹ́rẹ́ ọjọ́ méje kò sí níbẹ̀. Bí kò bá lọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, kí ó padà sọ́dọ̀ dókítà, nítorí ẹni tó ní máléríà lè ní àìsàn mìíràn pẹ̀lú.

Wàyí o, ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń sọ pé, "Táífọ́ọ̀dù tèmi kì í tán." Wọ́n lo oògùn, wọ́n padà lọ ṣe Wídàl láti wò ó bóyá ó ti lọ, wọ́n tún bá 1:160, wọ́n sì tún ra oògùn mìíràn. Ẹ̀yin ará, àwọn ọmọ-ogun kì í tú ká ní ọjọ́ tí ogun parí. Oṣù mélòó kan ni O ń lò, H sì ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oògùn kò lè lé wọn, kò sì yẹ kó lé wọn. Àyẹ̀wò tí wọ́n bá fi ń wò bóyá táífọ́ọ̀dù ti lọ kọ́ ni Wídàl. Ohun tí oògùn tí a ń lò léraléra ń ṣe ni pé ó ń kọ́ àwọn kòkòrò tó wà lára wa bí wọ́n ṣe lè yè é.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ pé a ní kò sí táífọ́ọ̀dù. Ó wà, ó sì ń pa èèyàn. Ká ní ọmọkùnrin oníṣòwò yìí náà ní ibà. Tirẹ̀ kò wá lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ga sí i lójoojúmọ́, ó ti di ọjọ́ kẹsàn-án, inú ń dùn ún, kò lè jẹun, wọ́n ti fún un ní oògùn máléríà, kò lọ. Wídàl rẹ̀ jẹ́ 1:40. Nọ́ńbà rẹ̀ kéré sí ti ìyá rẹ̀, síbẹ̀ òun ni ẹ̀rù rẹ̀ yẹ kó bà wá. Kápúsù tí wọ́n rà fún un láti ọwọ́ alátẹ oògùn ní ọjọ́ kẹta lè ti dín bí ọmọ-ogun rẹ̀ ṣe ń pọ̀ kù. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò bá rí ìtọ́jú, kòkòrò náà lè lu ìfun rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kẹta ló sì máa ń sábàá ṣẹlẹ̀. Bí inú bá ń dun aláìsàn lójijì, tí ikùn rẹ̀ le bí pátákó, tàbí tó ń ya ẹ̀jẹ̀ tàbí ìgbẹ́ dúdú, ilé ìwòsàn tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ni kí ẹ gbé e lọ lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kì í ṣe ibi àyẹ̀wò.

Àyẹ̀wò tó ń wá kòkòrò fúnra rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní kọ́ṣọ̀. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ díẹ̀ sínú ìgò tí oúnjẹ kòkòrò wà nínú rẹ̀, wọ́n á fi sí ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á sì máa ṣọ́ ọ bóyá nǹkan máa hù. Ó ń gbà ju ọjọ́ méjì lọ, nígbà mìíràn ó ń tó ọ̀sẹ̀ kan, kì í sì í ṣe gbogbo ibi àyẹ̀wò ló lè ṣe é. Ẹ lè ní láti dé ilé ìwòsàn ńlá ní Lọ́kọ́ja. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí kòkòrò bá hù, wọ́n á tún lè dán oògùn wò lára rẹ̀, kí wọ́n mọ èyí tó ń pa á. Ó ṣe pàtàkì kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ náà kí aláìsàn tó gbé oògùn kankan mì. Bí kò bá sí kọ́ṣọ̀, dókítà lè ṣe Wídàl lẹ́ẹ̀mejì, kí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá sì wà láàrin wọn. Bí 1:40 bá di 1:160, ìgbésẹ̀ méjì ni, ìyẹn ní ìtumọ̀. Bí ó bá dúró sí 1:160 nígbà méjèèjì, ti àtijọ́ ló ṣeé ṣe kó jẹ́. Kò sì ní jẹ́ pé aláìsàn á máa dúró láì gba oògùn títí di ọjọ́ kẹrìnlá. Dókítà tó bá rí i pé àmì ibà náà le á ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú.

Kọ́ṣọ̀ náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Nínú ẹni mẹ́wàá tó ní táífọ́ọ̀dù lóòótọ́, ẹ̀jẹ̀ bíi mẹ́fà péré ni nǹkan máa ń hù nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i lára ìwé pé kò sí ohun tó hù, tí ibà sì wà síbẹ̀, ẹ mú ìwé náà padà tọ dókítà lọ, kí ẹ sì ka iye ọjọ́ tí ibà ti wà fún un, àti orúkọ gbogbo oògùn tí ẹ ti lò kí ẹ tó wá.